Ìdáhùn Tó Jọ Òótọ́: Ohun Tó Ń Pa Ìdáhùn Mẹ́ta Nínú Ìbéèrè Lórí Èrò àti Ìṣe Ọ̀daràn

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin àti àwọn òbí wọn ní Warri

Iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ mí ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìbéèrè tí ẹ ń pè ní ọ́bíjẹ́tíìfù nínú òfin ìwà ọ̀daràn, níbi tí wọ́n ti máa ń béèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣẹ̀ àti ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹ ní kí n sọ ìdí tí àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà kò fi tọ̀nà. Inú mi dùn pé apá ibẹ̀ lẹ fi lọ̀ mí. Ẹni tó bá mú ìdáhùn tó tọ̀nà lè ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ lásán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè sọ ohun tó pa mẹ́ta yòókù, ẹni yẹn ti ka òfin.

Ìbéèrè kan nìyí, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó dáadáa.

Efe ni akápò ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Effurun. Lọ́jọ́ Ẹtì, ara ọmọ rẹ̀ kò yá, ilé ìwòsàn sì ní kó san ₦40,000. Efe mú ₦40,000 nínú owó ọjà tó wà nínú dúrọ́ọ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan pé òun yóò dá a padà lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n bá san owó oṣù, ó sì ki ìwé náà bọ àpò ara rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀gá rẹ̀ ka owó, owó kò pé, ló bá fi ọlọ́pàá mú un. Lábẹ́ Òfin Ìwà Ọ̀daràn, Efe

(a) kò jẹ̀bi olè jíjà, nítorí ó ní i lọ́kàn láti dá owó náà padà;
(b) kò jẹ̀bi, nítorí àìsàn ọmọ rẹ̀ ló sún un dé ibẹ̀;
(d) jẹ̀bi, nítorí kò tíì dá owó náà padà títí ọ̀gá rẹ̀ fi kà á;
(e) jẹ̀bi, nítorí nígbà tó mú owó náà, ó ní i lọ́kàn láti ná an bó ṣe wù ú.

Ìdáhùn tó tọ̀nà ni (e). Ṣùgbọ́n (a) ló ń fa ojú akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra jù, mi ò sì bá ẹni tó yàn án wí. Ìwé tó kà ló kọ́ ọ pé olè ni ẹni tó bá mú ohun olóhun pẹ̀lú èrò pé olóhun kò ní rí i mọ́ títí ayé. Òótọ́ ni ìwé sọ. Èrò yẹn wà nínú abala 383, òun gan-an ló sì ṣáájú níbẹ̀. Àmọ́ èrò mẹ́fà ni abala náà tò sílẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì ti tó láti sọ ènìyàn di olè. Ọ̀kan nínú wọn ni kí ènìyàn mú ohun olóhun lọ fi dógò. Èyí tó gbẹ̀yìn ló kan Efe: bó bá jẹ́ owó ni wọ́n mú, èrò láti lò ó bó ṣe wu ẹni tó mú un ti tó, kódà kó ní i lọ́kàn láti san iye rẹ̀ padà nígbà tó bá yá. Ẹ wò ó bí òfin ṣe gbé àwíjàre Efe jáde kí Efe tó la ẹnu, tó sì kọ̀ ọ́.

Ìdí tí òfin fi ya owó sọ́tọ̀ kò ṣòro láti rí. Ká ní kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ọ̀gá fi ń kó ọjà ni Efe gbé lọ sí ilé ìwòsàn láìgba àṣẹ, tó sì ní i lọ́kàn láti gbé e padà lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kẹ̀kẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá yóò rí gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ná ₦40,000 kò lè dá bébà owó yẹn padà mọ́. Òmíràn ni yóò wá, láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ló sì ru ewu pé bóyá òmíràn kò ní wá. Akápò tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn ti sọ ọ̀gá rẹ̀ di ẹni tó yá a lówó láìjẹ́ pé ọ̀gá mọ̀ sí i.

Ẹ wá fi kẹ̀kẹ́ rọ́pò owó nínú ìtàn náà, kí ẹ fi gbogbo ìdáhùn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ìdáhùn (a) á jí dìde. Fún ohun tí kì í ṣe owó, èrò láti dá a padà ní ọjọ́ kan náà, ní ipò tó wà, lè já ẹ̀sùn olè jíjà lulẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sùn mìíràn lè kù fún un láti jẹ́. Ọ̀nà tí mo fi ń dán ìdáhùn wò nìyí, mo sì rọ̀ yín kí ẹ máa lò ó: ẹ wá ohun tí ẹ lè yí padà nínú ìtàn tí ìdáhùn tó ti kú yóò fi jí. Ohun tí ẹ yí padà yẹn gan-an ló pa á. Nínú ìtàn Efe, ohun tó pa (a) ni pé náírà ló mú.

Ìdáhùn (b) ń ba ènìyàn nínú jẹ́, torí òbí wo ni kò ní yọ́nú sí Efe? Àmọ́ nǹkan méjì ló dà pọ̀ mọ́ra wọn nínú rẹ̀. Ohun tí Efe fẹ́ ṣe jẹ́ nǹkan kan: ó fẹ́ mú owó náà kó sì ná an. Ohun tó fà á tó fi fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan mìíràn: ó fẹ́ kí ọmọ òun yè. Abala 24 ní kí a má fi èkejì yìí pinnu ẹ̀bi rárá. Ohun tó sún ènìyàn ṣe nǹkan, tàbí tó mú un pinnu láti ṣe é, kò kan ọ̀rọ̀ ẹ̀bi àfi níbi tí òfin bá ti sọ ọ́ gbangba pé ó kàn án, abala 383 kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kóòtù ò ní gbọ́ nípa ọmọ náà. Lọ́yà Efe yóò sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń bẹ adájọ́ lórí ìjìyà, adájọ́ sì lè torí rẹ̀ dín ẹ̀wọ̀n kù. Nítorí náà, ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe tó parí ìbéèrè. Bó bá béèrè bóyá ó jẹ̀bi, (b) ti ṣubú. Bó bá béèrè ohun tó lè mú adájọ́ fọwọ́ rọ́rọ́ mú un, (b) ló yẹ kó wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n lè ní ṣé kò sí abala 26, tó dá ẹni tí pàjáwìrì òjijì bá bá sí? Ó wà, ṣùgbọ́n ìtàn gbọ́dọ̀ gbé e jáde: pé pàjáwìrì náà dé lójijì tàbí pé ó ré kọjá àfẹnusọ, àti pé ènìyàn gidi kan tó ní ìkóra-ẹni-níjàánu bíi tiwa kì bá tí lè ṣe ohun mìíràn. Ìtàn Efe kò sọ pé ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá kí wọ́n tó kọ̀. Ẹ má ṣe bá ìtàn kọ ohun tí kò kọ.

Ìdáhùn (d) ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, torí ó gba "jẹ̀bi" bí ìdáhùn tó tọ̀nà, ìdí tó fi sí i ló bà á jẹ́. Ó ní àìdá owó padà ló sọ Efe di olè. Ẹ gbé ìdí yẹn lọ wo ibòmíràn. Ká ní àbúrò Efe ti fi owó náà ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí Efe sì ti dá a padà kí ọ̀gá tó kà á. Bí a bá tẹ̀lé (d), kò sí olè níbẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé òfin, olè ti wà láti ọjọ́ Ẹtì. Abala 383 náà sọ ìgbà tí ìṣe náà parí: ẹnikẹ́ni kò tíì mú nǹkan àyàfi tó bá gbé e kúrò níbi tó wà, tàbí tó mú kí ó kúrò. Kété tí owó kúrò nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú èrò yẹn lọ́kàn rẹ̀, èrò àti ìṣe ti bá ara wọn pàdé, ọ̀ràn sì ti pé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwárí ni. Ẹni tó bá ń yàn "jẹ̀bi" láìka ìdí tó tẹ̀lé e yóò máa kó sínú irú pàkúté yìí, àwọn olùṣètò ìdánwò sì mọ̀.

Ìwé pélébé inú àpò Efe ńkọ́? Wọ́n fi í síbẹ̀ láti fi dán yín wò ni. Ó jẹ́ ẹ̀rí pé lóòótọ́ ló fẹ́ san án padà, òfin sì ti sọ pé ìyẹn kò gbà á là. Bó bá jẹ́ pé àṣà ṣọ́ọ̀bù náà ni pé òṣìṣẹ́ lè mú lára owó oṣù rẹ̀ ṣáájú kó sì fi ìwé sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, ìwé yẹn ì bá gbé wa lọ sí abala 23, níbi tí ẹni tó gbà tọkàntọkàn pé òun ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí òun mú, tí kò sì ní èrò jìbìtì, ti ń bọ́. Ṣùgbọ́n àpò ara rẹ̀ ló fi ìwé sí.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ìdáhùn bíi (a) fi ń rí ọjà tà láàárín wa. Ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń kà, ìwé yẹn sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òwe Látìn pé ìṣe kò sọ ènìyàn di ẹlẹ́bi àyàfi tí ọkàn rẹ̀ bá jẹ̀bi pẹ̀lú. Ibẹ̀ kọ́ ni òfin tiwa ti wá. Sámúẹ́lì Griffith ló kọ ìwé òfin kan fún Queensland ní Ọsirélíà, wọ́n fọwọ́ sí i ní 1899. Ìjọba amúnisìn mú un wá sí Àríwá Nàìjíríà ní 1904, ó sì di ti gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Àríwá kúrò lábẹ́ rẹ̀ ní 1960 nígbà tí òfin tiwọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwa tí a wà ní Gúúsù, Warri pẹ̀lú, ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní 1907, nígbà tí Griffith ti di Adájọ́ Àgbà Ọsirélíà, ó sọ lórí ìjókòó rẹ̀ pé kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti padà lọ bá ẹ̀kọ́ àtijọ́ nípa ọkàn tó jẹ̀bi bó bá jẹ́ ìwé òfin náà ló ń tẹ̀ lé. Ohun tó fi rọ́pò rẹ̀ ni pé kí abala kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ sọ irú èrò tó ń béèrè. Níbi tí abala kò bá ti sọ nǹkan kan, abala 24 ló kù: ṣé ìfẹ́ ọkàn ẹni náà ló ṣe é, àbí èèṣì ni? Nítorí náà, ìdáhùn tó bá sọ pé "kò sí ọ̀ràn láìsí èrò búburú", tó sì dákẹ́ síbẹ̀, ti ṣubú kí ẹ tó ka ìyókù ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń há nọ́ńbà sórí. Nọ́ńbà tí mo ń pè yìí jẹ́ ti àkójọ òfin àpapọ̀ ti 2004. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀, ó sì lè tò ó lọ́nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ inú abala ni kí ẹ mọ̀. Nọ́ńbà, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè kejì kì í ṣe àròsọ. Ní 1954, Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gadam, láti Àríwá, nígbà tí Òfin Ìwà Ọ̀daràn ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ara ìyàwó rẹ̀ kò yá, ó sì gbà pé obìnrin kan ló fi àjẹ́ mú un. Ó fi igi ọkọ́ lu obìnrin náà, obìnrin náà sì kú. Wọ́n dá a lẹ́bi mọ́dà. Àwíjàre rẹ̀ wá láti abala 25, èyí tó sọ pé ẹni tó ṣe nǹkan nítorí pé ó gba ohun kan gbọ́ tọkàntọkàn, tí ìgbàgbọ́ náà sì bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n tó ṣì í, ẹ̀bi rẹ̀ kò ní ju ohun tí ì bá jẹ́ lọ ká ní bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rí. Wọ́n lè sọ ọ́ di ìbéèrè báyìí: kí ni ilé-ẹjọ́ sọ?

(a) Kò jẹ̀bi, nítorí ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.
(b) Ó jẹ̀bi, nítorí irọ́ ló ń pa, kò gba àjẹ́ gbọ́.
(d) Kò jẹ̀bi, nítorí gbogbo ará ìlú rẹ̀ ló gba àjẹ́ gbọ́.
(e) Ó jẹ̀bi, nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ ti ọkàn wá, kò bọ́gbọ́n mu lójú òfin.

Ìdáhùn (e) ni ilé-ẹjọ́ mú. Ìdáhùn (a) gbé ìdajì abala 25, ó sì sọ ìdajì kejì nù. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú ìdánwò: wọn á mú abala tó ní "àti" nínú, wọn á kọ apá ọ̀tún, wọn á sì retí pé ẹ ó gbàgbé apá òsì. Ìdáhùn (b) kò yẹ kó dààmú ẹnikẹ́ni, torí ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀ gbà pé ó gbà á gbọ́.

Lórí (d) ni iṣẹ́ wà. Ó jọ pé ó ti dá ìdajì tó sọnù padà: bí gbogbo ìlú bá gba nǹkan gbọ́, ta ló kù tí yóò ní kò bọ́gbọ́n mu? Ilé-ẹjọ́ kò jiyàn pé ìgbàgbọ́ náà kárí ládùúgbò Gadam. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ewu ńlá ni yóò jẹ́ bí òfin bá torí pé ìgbàgbọ́ kan kárí, tó sì lè yọrí sí irú ikú yìí, wá sọ pé ó bọ́gbọ́n mu. Kíkárí ìgbàgbọ́ jẹ́ ẹ̀rí pé ọkùnrin náà kò purọ́. Ó ran "tọkàntọkàn" lọ́wọ́. Kò ṣe nǹkan kan fún "bọ́gbọ́n mu", torí òfin ló ń di òṣùwọ̀n ìyẹn mú, kì í ṣe ìlú. Ìdáhùn (d) mú ẹ̀rí ìdajì kan, ó fi í ṣe ẹ̀rí ìdajì kejì. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí wọn ò gba ìdájọ́ yẹn wọlé, mi ò sì lè sọ pé kò sí ohun tí ẹ rí. Àwọn adájọ́ ìjọba amúnisìn ló ń wọn ìgbàgbọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ lòfin ṣe wà, ìdánwò sì ń béèrè òfin.

Ihò mìíràn tún wà nínú (a) àti (d) tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí. Ẹ ka ìparí abala 25 lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sọ pé ẹni tó ṣì í yóò lọ lómìnira. Ó ní kí a wò ó bí ẹni pé ohun tó gbà gbọ́ jẹ́ òótọ́, kí a wá wọn ẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀. Ká ní obìnrin náà jẹ́ àjẹ́ lóòótọ́, ṣé òfin fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fi igi lù ú pa? Gadam gbọ́dọ̀ fi ohun mìíràn kún un, bíi pé ewu ń bọ̀ wá bá ìyàwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti dá a dúró. Láìsí ìyẹn, kódà ká gbà pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, "kò jẹ̀bi" ṣì jìnnà sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìjà ìgboro. Ọkùnrin méjì ń jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Igbudu. Ọ̀kan fa àdá yọ, ó ṣá a sí orí ọ̀tá rẹ̀. Onítọ̀hún tẹrí, àdá kọjá lórí rẹ̀, ó bá ọrùn obìnrin kan tó ń kọjá lọ, obìnrin náà sì kú. (a) Èèṣì ni, abala 24 dá a sí. (b) Mánsílọ́tà ni, torí kò bá obìnrin náà ní ìjà. (d) Mọ́dà ni. (e) Ìgbìyànjú láti pa ọ̀tá rẹ̀ nìkan ló jẹ̀bi rẹ̀.

Mọ́dà ni. Abala 316 fi ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ tí ẹni tó ń sáré kàwé á fò: èrò láti pa ẹni tó kú "tàbí ẹlòmíràn". Bó bá sì jẹ́ pé ọgbẹ́ ńlá nìkan ló fẹ́ dá sí ọ̀tá rẹ̀ lára, tí kò fẹ́ pa á, òfin ní kò kan ohunkóhun pé kì í ṣe ẹni tó kú ló fẹ́ ṣe léṣe. Bí ìdáhùn (b) ṣe ṣubú nìyẹn. Ó ń wá ìjà láàárín ọkùnrin náà àti obìnrin, abala kò sì béèrè fún un.

Ìdáhùn (a) wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, torí ní ilé, ohunkóhun tí ẹnìkan kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ là ń pè ní èèṣì. Èèṣì inú abala 24 kéré ju ìyẹn lọ. Àwọn ilé-ẹjọ́ wa ń béèrè nǹkan mẹ́ta nípa ohun tó ṣẹlẹ̀: pé ẹni náà kò fẹ́ ẹ, pé kò rí i tẹ́lẹ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀, àti pé ènìyàn gidi kan kì bá tí retí rẹ̀. Ẹni tó ń fi àdá ṣá ènìyàn lórí láàárín èrò ọjà, kí ni kò retí níbẹ̀? Èkíní lè wà fún un, ẹ̀kẹta kò sí. Ẹ sì kíyè sí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò ṣèèṣì gbé àdá. Nígbà tí ẹ bá rí "èèṣì" nínú ìdáhùn, ẹ bi í pé ìṣe ni ó ṣèèṣì àbí àbájáde.

Òótọ́ wà nínú ìdáhùn (e): ẹ̀sùn ìgbìyànjú láti pa ọ̀tá rẹ̀ lè wáyé, bí ẹ̀rí bá fi hàn pé pípa ló fẹ́ pa á. Ọ̀rọ̀ "nìkan" ló pa á.

Ẹ yí ìtàn náà padà díẹ̀. Ẹ gba àdá lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ti ọ̀tá rẹ̀ nìkan, kí ọ̀tá rẹ̀ kọlu obìnrin tó ń kọjá, kí obìnrin náà ṣubú, kí orí rẹ̀ sì gbá etí gọ́tà. Èrò láti dá ọgbẹ́ ńlá sí ẹnikẹ́ni ti pòórá, mọ́dà sì bá a lọ. Ìdáhùn (b) á wá jà dọ́gba pẹ̀lú (a), ibẹ̀ ni ẹ ó sì ti rí i pé kò sí ìdáhùn tí a lè há sórí pé "èèṣì máa ń ṣubú".

Ọ̀rọ̀ ìgbìyànjú ò ní gùn. Ọmọkùnrin kan ki ọwọ́ bọ àpò ẹnìkan nínú ọjà láti jí owó. Àpò náà ṣófo. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ẹni tó bá sọ pé kò jẹ̀bi torí kò sí ohun tó lè jí níbẹ̀ kò tíì ka abala 4 parí: òfin ní kò kan ohunkóhun bó bá jẹ́ pé nítorí ohun tí ẹni náà kò mọ̀ ni ọ̀ràn náà kò fi lè ṣeé ṣe. Ẹni tó bá sọ pé olè jíjà ti parí torí èrò rẹ̀ ti pé, ó ti gbàgbé ohun tí a sọ lórí Efe, pé ohun kan gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà. Ìdáhùn kẹta yóò sọ pé ọmọkùnrin náà bọ́ nítorí fúnra rẹ̀ ló fa ọwọ́ yọ, èyí sì ni mo rí tó ń mú àwọn tó mọ̀wé. Abala 4 kan náà ní ẹni tó bá fi ìfẹ́ ara rẹ̀ dáwọ́ dúró ṣì jẹ̀bi ìgbìyànjú, ọ̀rọ̀ ìjìyà nìkan ni ìyẹn kàn. Abala mìíràn sì wá sọ iye rẹ̀: ìdajì ìjìyà ni. Kí ẹ tó fi abala yẹn ran ọmọkùnrin yìí lọ́wọ́, ẹ bi ìtàn pé kí ló mú un fa ọwọ́ yọ. Òfo tó bá nínú àpò ni. Kò ronú pìwà dà.

Ìṣòro kan kù tí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Àwa tí à ń ṣètò ìbéèrè máa ń kọ èyí tí ìdáhùn méjì inú rẹ̀ kì í kú. Àpẹẹrẹ irú rẹ̀ ni: "Okoro yin ìbọn, ìbọn bá Musa, Musa sì kú. Ọ̀ràn wo ni Okoro dá?" Wọ́n á kọ mọ́dà sí (a), mánsílọ́tà sí (b), wọ́n á sì ní (a) ni. Kò sí ohunkóhun nínú ìtàn náà tó pa (b). A mọ ìṣe, a kò mọ èrò, bẹ́ẹ̀ èrò ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Kóòtù kì í wo ọkàn ènìyàn. Ohun tó ń fi mọ èrò ni irú ohun ìjà, ibi tí wọ́n fojú sùn lára, bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn, àti ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ṣáájú. Nítorí náà, gbólóhùn kan péré ni ìbéèrè náà nílò. Bí wọ́n bá fi kún un pé Okoro dúró ní ẹsẹ̀ márùn-ún sí Musa, tó sì na ìbọn sí àyà rẹ̀, (b) ti ṣubú. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn méjèèjì ń fa ìbọn mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nígbà tó dún, (a) ló ṣubú, (b) gan-an sì gbọ́dọ̀ wá bá "èèṣì" jà.